Dẹ́ẹ̀kì Kan, Owó Méjì: Bí A Ṣe Yẹ Nọ́ńbà Ilé-Iṣẹ́ Gàrí Kan Wò Kí A Tó Kọ Àkékúrú

Sílàìdì 22 ni dẹ́ẹ̀kì náà. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yan gàrí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2024, ₦180 mílíọ̀nù ló sì ń wá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ìdókòwò kan tí mo máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ka dẹ́ẹ̀kì fúnra wọn. Àkékúrú ojú-ìwé kan tí mo bá kọ ni wọ́n ń kà, òun ni wọ́n sì fi ń pinnu. Ìdí nìyí tí n kì í fi í kọ gbólóhùn kan nínú àkékúrú kí n tó kó gbogbo nọ́ńbà inú dẹ́ẹ̀kì jọ sójú kan, kí n sì mọ èyí tó ń ta ko èkejì nínú wọn.

Àkékúrú ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Bí sílàìdì kẹta bá ní owó tó wọlé jẹ́ ₦412 mílíọ̀nù, tí sílàìdì kẹsàn-án sì ní ₦385 mílíọ̀nù ni, ẹni tó ń kékúrú yóò mú ọ̀kan, yóò fi èkejì sílẹ̀. Kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àyè ojú-ìwé kan ni kò gba méjèèjì. Àmọ́ láti ìgbà yẹn lọ, ìtakora náà ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́. Ẹni tó ka àkékúrú kò lè béèrè nípa nọ́ńbà tí kò fojú kàn. Èyí tí ọwọ́ sì máa ń yá jù láti mú ni èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú, tí ẹni tó ń wá owó fẹ́ kí a rántí. Bí àyẹ̀wò bá tẹ̀yìn àkékúrú dé, àkékúrú la ó máa yẹ̀ wò, dẹ́ẹ̀kì yóò sì lọ láìyẹ̀.

Mo ṣí ìwé Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì òfìfo, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti sílàìdì 1 dé 22 láì tíì dá sí ìtàn tí wọ́n ń sọ. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gba ìlà tirẹ̀: sílàìdì tó wà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, ohun tí wọ́n ń kà, ìwọ̀n tí wọ́n lò (náírà ni, dọ́là ni, tọ́ọ̀nù ni), àkókò tó kàn, àti ibi tó wà lójú sílàìdì, bóyá nínú àkọlé, nínú ṣáàtì, tàbí nínú lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀. Ibi tí mo ti ń kọ ohun tí wọ́n ń kà ló gba ìrònú jù, torí "àgbẹ̀" tó wà lójú sílàìdì kan lè má jẹ́ "àgbẹ̀" ti òmíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, mo tún un tò, kó má tẹ̀lé sílàìdì mọ́, kó máa tẹ̀lé ohun tí wọ́n ń kà. Ìgbà yẹn ni owó ọdún 2023 tó wà ní sílàìdì 3, 9 àti 15 tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú dẹ́ẹ̀kì, àwòrán ẹ̀rọ àti ti àgbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ló wà láàárín wọn. Ojú ti gbàgbé ti àkọ́kọ́ kó tó kan ti ìkẹyìn.

Sílàìdì 3 ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó: ₦412 mílíọ̀nù wọlé ní 2023, ó fi 50% ju ti 2022 lọ. Sílàìdì 9 ya ṣáàtì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Òpó mẹ́rin ló ní, 78, 91, 104 àti 112 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kò ro wọ́n pọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Sílàìdì 15 jẹ́ àtẹ tí ó dà bí ẹni pé akáǹtì ló ṣe é, ó ní ₦275 mílíọ̀nù ni ti 2022, àti pé ìdàgbàsókè ọdún tó tẹ̀lé e jẹ́ 40%. Ìṣirò tí mo ṣe kò ju èyí lọ:

```
=78+91+104+112
=412/275-1
=385/275-1
```

Ìlà kìíní jẹ́ 385. Ìkejì súnmọ́ 50%, ìkẹta jẹ́ 40% géérégé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a bi ara wa ni bóyá dídín nọ́ńbà kù sí mílíọ̀nù tó súnmọ́ ọn jù ló fa ìyàtọ̀ náà. Èyí ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Òpó kan tí wọ́n dín kù sí mílíọ̀nù kò lè ṣì ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Òpó mẹ́rin kò lè ṣì ju mílíọ̀nù méjì, bí a bá sì fi ìdajì kún un fún àròpọ̀ tí àwọn náà dín kù, mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ni òpin rẹ̀. Ìyàtọ̀ tiwa jẹ́ mílíọ̀nù 27. Ọ̀rọ̀ ti kúrò níbi dídín kù. Bákan náà ni àwọn ìdá tó para pọ̀ di 99% tàbí 101%: bí wọ́n bá pọ̀ lójú ṣáàtì, mo máa ń jẹ́ kó kọjá, torí mo mọ ibi tó ti wá.

Lẹ́yìn náà, mo wo bóyá nọ́ńbà náà dá wà tàbí ó ní ẹbí. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà, nọ́ńbà ọ̀hún máa ń dá wà ni. Kò sí ìṣirò mìíràn tó bá a mu nínú dẹ́ẹ̀kì. Ti ibí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. 412 bá 50% mu, 385 sì bá 40% mu. Sílàìdì 11 tún wá jẹ́rìí: wọ́n ta tọ́ọ̀nù gàrí 880, ìpíndọ́gba iye owó tọ́ọ̀nù kan sì jẹ́ ₦437,500. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ₦385 mílíọ̀nù ló bọ́ sí gẹ́lẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà méjì tó ń takora bá ní ẹbí báyìí, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé ènìyàn méjì ló kà á, tí oníkálukú sì ka ohun ọ̀tọ̀. Kò yẹ kí a fa ọ̀kan gé. A ní láti mọ ohun tí wọ́n kà.

Obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni mo pè. Mo ti fi ìbéèrè ṣọwọ́ sí i ṣáájú, sílàìdì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ó lè ní ìwé lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà," ni mo wí. "Sílàìdì kẹta sọ 412, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílàìdì kẹsàn-án sì para pọ̀ di 385. Kí la kà níbì kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀wọ́?"

Kò pẹ́ kó tó dáhùn. "Àbúrò, 412 yẹn ni gbogbo ínfọ́ìsì tí a kọ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Àwọn oníbàárà ńlá sanwó sílẹ̀ ní Kérésìmesì, oṣù Kìíní la tó kó gàrí wọn fún wọn. Akáǹtì wa kò ka ìyẹn mọ́ ọn."

Nítorí náà, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú méjèèjì. ₦27 mílíọ̀nù jẹ́ owó gàrí tí wọn kò tíì kó jáde nígbà tí ọdún parí. Àmọ́ wàhálà wà nínú 50%. Mo bi í bóyá 275 ti ọdún 2022 náà jẹ́ ti ínfọ́ìsì. Ó ní rárá, ti gàrí tó ti dé ọwọ́ oníbàárà ni. A jẹ́ pé 50% ń fi ínfọ́ìsì ọdún kan wé ọjà tó jáde ní ọdún kejì, kò sì ní ìtumọ̀ kankan. 40% nìkan ló ń fi irú wé irú. Bí a bá sì gba 412 fún 2023, mílíọ̀nù 27 kan náà yóò tún jáde nínú ti 2024 nígbà tí wọ́n bá kó ọjà náà, a ó sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtakora kan tún wà tó dà bí èyí lójú, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ nǹkan kan. Sílàìdì 8 ní àgbẹ̀ 340, sílàìdì 17 ní 1,200. Lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ sílàìdì 17 ló yanjú rẹ̀: 1,200 ni àwọn tó forúkọ sílẹ̀, 340 ni àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ wá ní 2023. Mo kàn kọ méjèèjì sínú àkékúrú pẹ̀lú ohun tí wọ́n jẹ́, mo sì kọjá.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù kò tilẹ̀ jọ ìtakora lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ gàrí. Sílàìdì 8 ní ilé-iṣẹ́ náà ra tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 2,600 lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní 2023. Sílàìdì 11, bí a ti rí i, ní wọ́n ta tọ́ọ̀nù gàrí 880. Ọ̀kan ń ka ẹ̀gẹ́, èkejì ń ka gàrí; kò sí ẹni tó máa fi wọ́n sínú ẹbí kan náà bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ló ń wò. Ṣùgbọ́n gàrí kì í ti òfìfo wá. 880 nínú 2,600 jẹ́ bíi 34%, èyíinì ni pé tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ mẹ́ta péré ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di tọ́ọ̀nù gàrí kan.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ti iná gàrí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹ̀gẹ́ tútù, ó lé ní ìdajì dáadáa. Nígbà tí a bá bó o, èèpo rẹ̀ nìkan máa ń mú bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá rin ín tán, tí a fún un, omi tún lọ, pàǹtí tí asẹ́ kò jẹ́ kó kọjá tún lọ, iná sì gba èyí tó kù. Ohun tó máa ń jáde ní ìparí sábà máa ń wà láàárín 20% àti 25%, ó wà lọ́wọ́ irú ẹ̀gẹ́ náà, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àsìkò tí a wà á. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di tọ́ọ̀nù gàrí kan. Bí a bá fún wọn ní 25% tó ga jù yẹn, tọ́ọ̀nù 2,600 kò lè di ju 650 lọ. Ibo ni 230 yòókù ti wá?

Irú àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń sọ nǹkan kan di òmíràn, ìwọ̀n kan wà tí ohun tó wọlé fi ń di ohun tó jáde. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé mi nìyí: nọ́ńbà wo ló gbọ́dọ̀ bí òmíràn nínú dẹ́ẹ̀kì yìí, àti pé ṣé ó lè bí i? Bí n kò bá mọ ìwọ̀n náà, mo máa ń bi ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, kì í ṣe ẹni tó kọ dẹ́ẹ̀kì. Ti gàrí, àbúrò ìyá mi tó ń yan án ní abúlé lè sọ ọ́ láìwo ìwé.

Ìdáhùn tí a gbà yí ìtàn ilé-iṣẹ́ náà padà. Tọ́ọ̀nù 300 nínú gàrí tí wọ́n tà ni wọ́n rà ní yíyan tán lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Wọ́n tún un sẹ́, wọ́n dì í sínú àpò tiwọn. 580 tó kù ni ẹ̀rọ wọn yan fúnra rẹ̀, 580 nínú 2,600 sì jẹ́ bíi 22%, ó bọ́ sí ibi tó yẹ kó wà gan-an. Obìnrin náà kò fi í pamọ́. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé à ń rà kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," ló wí. Òótọ́ ni pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àmọ́ dẹ́ẹ̀kì kò sọ ọ́ níbì kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni èrè orí gàrí tí a rà ní yíyan tán kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti èyí tí a yan fúnra wa. Sílàìdì 12 lo èrè kan ṣoṣo fún gbogbo 880.

Láti ibẹ̀ ni mo ti padà sí ìdí tí wọ́n fi ń wá owó. Sílàìdì 18 ní ẹ̀rọ wọn ti ń ṣiṣẹ́ dé 85% agbára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò ẹ̀rọ kejì. Sílàìdì 6 sì ní ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lè yan tọ́ọ̀nù gàrí márùn-ún lóòjọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 300 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ 1,500. Bí a bá ka gbogbo 880 fún ẹ̀rọ náà, kò tó 60%. Bí a bá ka 580 tó yan lóòótọ́, kò tó 40%. A béèrè, a sì gbọ́ pé 85% jẹ́ ti oṣù Keje nìkan, nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ tí ẹ̀gẹ́ ń ya wọlé. Nọ́ńbà oṣù kan ló wọ aṣọ ọdún. Mo ti wá mọ̀ pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kò bá sọ àkókò tirẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí nínú dẹ́ẹ̀kì èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ dọ́là ló kẹ́yìn. Sílàìdì 2 ní $200,000 ni wọ́n ń wá, sílàìdì 20 ní ₦180 mílíọ̀nù. ₦900 sí dọ́là kan nìyẹn, ó sì súnmọ́ iye ọjà ìjọba nígbà tí ọdún 2023 ń parí. Ṣùgbọ́n sílàìdì 16 ní ẹ̀rọ tuntun tí iye rẹ̀ jẹ́ $90,000 yóò ná wọn ní ₦41.4 mílíọ̀nù. Pín in, ₦460 ni. Iye ṣáájú oṣù Kẹfà 2023 nìyẹn, kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà wá ìpele tirẹ̀ lọ́jà. Ó hàn pé láti inú dẹ́ẹ̀kì àtijọ́ ni wọ́n ti da sílàìdì yẹn kọ. Ní ₦900, ẹ̀rọ kan náà jẹ́ ₦81 mílíọ̀nù, èyí tó túmọ̀ sí pé owó tí wọ́n ń wá kò tó ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó kù ní bíi ₦40 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá fún wọn ní 180 yóò gba ìpè mìíràn kí ẹ̀rọ tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Nínú gbogbo dẹ́ẹ̀kì tó bá ní náírà àti dọ́là pọ̀, mo máa ń pín ọ̀kan sí èkejì níbi gbogbo tí wọ́n bá ti jọ wà, kí n lè rí bóyá iye kan náà ni wọ́n lò jálẹ̀.

Ìgbà tí ìdáhùn wọlé ni mo tó kọ àkékúrú. Mo kọ ₦385 mílíọ̀nù fún ọjà tó dé ọwọ́ oníbàárà àti 40% fún ìdàgbàsókè, mo sì fi gbólóhùn kan sí i pé ₦27 mílíọ̀nù mìíràn ti wọlé fún ọjà oṣù Kìíní. Mo kọ 580 àti 300 lọ́tọ̀. Mo kọ 39% fún agbára ẹ̀rọ, pẹ̀lú àlàyé pé 85% inú dẹ́ẹ̀kì jẹ́ ti oṣù kan. Fún ẹ̀rọ, mo kọ ₦81 mílíọ̀nù. Ohun kan ṣoṣo ni n kò rí ìdáhùn sí kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ìyẹn èrè orí gàrí tí wọ́n rà ní yíyan tán. N kò yan nọ́ńbà kankan fún un. Mo kọ pé èrè sílàìdì 12 kò ya oríṣi gàrí méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé a ti béèrè. Mo tún so ìwé ìlà-nọ́ńbà náà mọ́ ọn lẹ́yìn fún ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ní ìpàdé, ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ alága ka ojú-ìwé náà tán, ó sì gbé ìbéèrè kan tí kò lè wáyé ká ní 85% la gbé síwájú rẹ̀. "Ṣé ẹ̀rọ ni kò tó fún wọn, àbí ẹ̀gẹ́?" Ìṣirò rẹ̀ kò le. Láti yan tọ́ọ̀nù gàrí márùn-ún lóòjọ́, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ nílò bíi tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 23. Èyí tó ń wọlé, bí a bá pín 2,600 sí ọjọ́ 300, kò tó mẹ́sàn-án. Ẹ̀gẹ́ kò sì ṣeé kó pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti wà á ló ti ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ kejì yóò kàn jókòó ti èkíní ni.

Wọn kò dìbò lórí ₦180 mílíọ̀nù náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ kọ ètò owó kékeré kan wá, èyí tí yóò fi san owó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ nínú 860 tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò gbé ẹ̀gẹ́ wá ní 2023, tí yóò sì fi gba ọkọ̀ tí yóò máa kó o láti oko. Dẹ́ẹ̀kì tuntun tó fi ránṣẹ́ jẹ́ sílàìdì 14, iye kan ṣoṣo ló wà fún owó ọdún 2023 nínú rẹ̀, ó sì kọ ohun tó kà sí abẹ́ rẹ̀.